O Gba Aṣọ Òkú Ìyá Rẹ̀, O Ò Sanwó

*Ẹ̀yin Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tá a jọ wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́, abọ́ kan náà la ti ń jẹun. Nígbà tó yá, kálukú bá tirẹ̀ lọ, ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́wàá tá a ti gbúròó ara wa kẹ́yìn. Kò sí ìjà kankan láàárín wa. Ìyá rẹ̀ kú lọ́dún 2016, mo gba aṣọ òkú náà, ₦8,000, ṣùgbọ́n ààyè ò gbà mí láti lọ, ọ̀rọ̀ owó aṣọ náà sì bá ibẹ̀ lọ. Ọmọ mi obìnrin fẹ́ ṣègbéyàwó ní Disẹ́ńbà, ó wù mí kí ọ̀rẹ́ mi wà níbẹ̀. Kí ni kí n kọ sí i lórí Wọ́sáàpù tí kò ní dà bíi pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tojú oorun jí? — Sísí Ẹlẹ́pà, Ìbàdàn*

Ta ló sọ fún ọ pé kò sí ìjà? Ìwọ lo ò bá a jà. Òun ńkọ́?

Irú lẹ́tà yìí ń wọlé sí mi lemọ́lemọ́. Wọ́n á ní ọjọ́ ló pẹ́, wọ́n á ní iṣẹ́ ni, àwọn ọmọ ni. Tí n bá tún un kà, màá rí ibi tí ẹnì kan ti jẹ ẹnì kejì ní nǹkan, tó sì sáré fò ó kọjá. Tìrẹ ò tiẹ̀ fara sin. "Ọ̀rọ̀ owó aṣọ náà sì bá ibẹ̀ lọ." Bá ibo lọ? Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Jẹ́ ká sọ bí aṣọ òkú ṣe ń rìn, bí ẹni pé o ò mọ̀. Ọmọ olóòkú á lọ sí Gbági, á bá aláṣọ dúnàá-dúrà, á san díẹ̀ sílẹ̀, á kó ìyókù láwìn. Òun ni aláṣọ mọ̀, kò mọ̀ ọ́. Wọ́n á ge aṣọ ní ọ̀pá márùn-ún márùn-ún, wọ́n á fi gèlè sí i, wọ́n á kọ orúkọ àwọn tó gbà á sínú ìwé, wọ́n á sì máa máàkì ẹni tó bá ti sanwó. Nígbà tí òkú bá wọlẹ̀ tán, tí wọ́n ti tú àgọ́, tí wọ́n ti dá àga aláàga padà, aláṣọ á pè. Kì í ṣe ìwọ ló máa pè. Obìnrin tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ló jókòó ti ìwé yẹn, tó ń wo orúkọ ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ jẹun nínú abọ́ kan, tí kò sí máàkì níwájú rẹ̀, tí kò sì tún fojú kàn án lóde òkú. Àpò ara rẹ̀ ló ti yọ owó rẹ san. O ò sì pè é láti kí i pé ó kú àṣẹ̀yìndè.

Má sì wá sọ fún mi pé ₦8,000 náà ni gbèsè rẹ. Lọ́dún 2016, ₦18,000 ni owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba fọwọ́ sí, ohun tó o jẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì rẹ̀. Láti 2024, owó oṣù yẹn ti di ₦70,000. Tá a bá fi ojú kan náà wò ó, owó aṣọ rẹ ti tó bíi ₦31,000. Tàbí kó o gba Gbági lọ, kó o béèrè iye tí wọ́n ń ta irú aṣọ yẹn àti gèlè rẹ̀ lónìí. Ìyẹn ni kó o fi sínú àpòòwé. Tó o bá fi ₦8,000 ránṣẹ́ sí i lásìkò yìí, o tún bú u lẹ́ẹ̀kan sí i ni.

Ní ti ìtìjú tó o torí ẹ̀ kọ̀wé, ìwọ nìkan kọ́ ló ń ṣe. Ní 2024, Lara Aknin láti Kánádà àti Gillian Sandstrom láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn tó fẹ́ kàn sí ọ̀rẹ́ àtijọ́. Wọ́n fún wọn láyè láti kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́, síbẹ̀ àwọn tó fi í ránṣẹ́ ò tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Ohun tó ràn wọ́n lọ́wọ́ ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ lo ìṣẹ́jú mélòó kan láti kọ̀wé sí àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n ṣì ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀, ó lé díẹ̀ ní ìdajì wọn tó fi tiwọn ránṣẹ́. Tọ́wọ́ rẹ bá ń gbọ̀n, dán an wò. Àmọ́ ojora lásán nìyẹn ń wò, kì í san gbèsè.

Ohun tó o máa kọ nìyí, má fi kún un:

*"Èmi Sísí Ẹlẹ́pà ni. Nọ́ńbà mi tuntun rèé. Lọ́dún 2016, mo gba aṣọ òkú Màámi lọ́wọ́ rẹ, mi ò wá, mi ò sanwó, mi ò sì pè ọ́. Ohun tí mo ṣe ò dáa. Kú àṣẹ̀yìndè Màámi, ó pẹ́ kí n tó sọ ọ́. Owó aṣọ wà lọ́wọ́ mi. Tó o bá gbà mí láyè, màá gbé e wá fún ọ nílé. Tó ò bá tíì fẹ́ rí mi, mo gbọ́."*

Orúkọ tí wọ́n ń pè ọ́ níléèwé ló ṣáájú, torí ó lè má ní nọ́ńbà rẹ mọ́, orúkọ ilé ọkọ rẹ lè má yé e. Mi ò fi "nǹkan le fún mi nígbà yẹn" sí i. Bóyá ó le lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyá tìẹ kọ́ ló kú. Mi ò sì béèrè ọkọ tàbí ọmọ. O ò mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ nílé yẹn láti ọjọ́ yìí wá, o lè béèrè ẹni tí kò sí mọ́. Má fi àdúrà òwúrọ̀ tí gbogbo ayé ń pín kiri ṣíwájú ẹ̀. Má sì kọ́kọ́ pè é lórí fóònù, torí ẹni tá a bá pè lójijì, ó di dandan kó dáhùn lójú ẹsẹ̀.

Tí máàkì kan ṣoṣo bá wà lára ọ̀rọ̀ náà lórí Wọ́sáàpù fún ọjọ́ mélòó kan, bóyá nọ́ńbà yẹn ò sí lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́, bóyá ó sì ti dí ọ lọ́nà. Bi ẹnì kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ yín bóyá nọ́ńbà náà ṣì ni. Ìyẹn nìkan. Má rojọ́ fún un, kó má lọ di ọ̀rọ̀ ìta. Tó bá ti kà á tí kò fèsì, fi í sílẹ̀. Má fi àmì ìbéèrè ránṣẹ́ tẹ̀ lé e, má sì yọjú sílé ẹ̀ láìjẹ́ pé ó ní kó o wá. Lẹ́yìn oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, o lè fi owó náà rán ẹni tẹ́ ẹ jọ mọ̀. Kò yẹ kó dúró de ìgbà tó bá dárí jì ọ́. Tó bá sì gbà ọ́ sílé, tó ní "gbàgbé owó", gbé e sórí tábìlì, kẹ́ ẹ máa bá ọ̀rọ̀ mìíràn lọ.

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, o ò gbọdọ̀ mẹ́nu bà á nínú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, tàbí nínú èkejì. Ṣé o ò rí i bó ṣe máa rí lójú ẹ̀ ni? Ọ̀rẹ́ tó gba aṣọ òkú ìyá rẹ̀ láìsanwó dé lẹ́yìn bí ọdún mẹ́wàá, ó sì gbé aṣọ ẹbí tirẹ̀ dání. Kó o tiẹ̀ kọ èyí tó dùn ju oyin lọ, ohun tó máa kà níbẹ̀ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ti rí ara yín sójú, tóun fúnra ẹ̀ sì béèrè àwọn ọmọ, o lè sọ fún un nígbà yẹn. Tí Disẹ́ńbà bá dé tí ọ̀rọ̀ ò tíì débẹ̀, ọmọ rẹ á ṣègbéyàwó láìsí i.

Tó bá ní òun ń bọ̀, fún un láṣọ lọ́fẹ̀ẹ́, àti gèlè. Má sì kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé kankan.