Lẹ́tà ìyá ọlọ́mọ ọwọ́ sí ọ̀gá iṣẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí n padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ìsinmi ìbímọ. Ẹ̀ka ìṣirò owó ni mo wà ní iléeṣẹ́ aládàáni kan ní Ìkẹjà, aago mẹ́jọ sí márùn-ún la fi ń ṣiṣẹ́. Ìyànà-Ìpájà ni mò ń gbé, ọmú nìkan lọmọ mi sì ń mu. Mo fẹ́ máa kúrò níbi iṣẹ́ ní aago mẹ́rin. Báwo ni kí n ṣe kọ lẹ́tà náà tí wọn ò fi ní sọ pé mo ń ṣọ̀lẹ?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu ọmọ, ìyá ìkókó. Wákàtí kan tí ẹ ń wá yẹn wà nínú òfin, àmọ́ kì í ṣe bí ẹ ṣe fẹ́ lò ó. Abala 54 Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ní kí wọ́n máa fún obìnrin tó ń fọ́mọ lọ́mú ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, láàárín àkókò iṣẹ́. Kò sọ pé kí ẹ pa méjèèjì pọ̀ kí ẹ fi tètè lọ sílé. Ẹ̀tọ́ ni ààbọ̀ wákàtí méjì yẹn. Pípa wọ́n pọ̀ sírọ̀lẹ́, ẹ̀bẹ̀ ni. Tí ẹ bá da méjèèjì pọ̀ nínú gbólóhùn kan, ọ̀gá á kọ ẹ̀bẹ̀, á sì gbé ẹ̀tọ́ sọnù mọ́ ọn.

Ká tiẹ̀ ní wọ́n gbà fún yín, ọmú yín ńkọ́? Ẹ ó ti fi ilé sílẹ̀ ní nǹkan bí aago méje. Bí ẹ bá kó gbogbo àyè yín sí aago mẹ́rin, ọmú á kún, á le, á máa dunni, ó sì lè wú. Tó bá ń pẹ́ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, omi ọmú fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin ló yẹ kó wà láàárín ìgbà kan tí ẹ fún omi ọmú jáde sí òmíràn. Nítorí náà, tó bá jẹ́ tèmi, n kò ní béèrè aago mẹ́rin rárá. Ààbọ̀ wákàtí àkọ́kọ́ ní aago mẹ́wàá ààbọ̀, kí ẹ fún ọmú. Ẹ tún un fún nígbà ìsinmi ọ̀sán. Kí ẹ wá fi ààbọ̀ wákàtí kejì kúrò ní aago mẹ́rin ààbọ̀. Ẹ̀bẹ̀ tó kù nínú rẹ̀ ti kéré, ó sì ṣòro fún ọ̀gá láti kọ̀ ọ́.

Àwọn kan lè sọ pé kí ẹ fi àkókò oúnjẹ ọ̀sán rọ́pò ààbọ̀ wákàtí méjèèjì. Ẹ má gbà. Abala 13 òfin kan náà ti fún òṣìṣẹ́ tó bá ṣiṣẹ́ tó wákàtí mẹ́fà lóòjọ́ ní ìsinmi tí kò dín ní wákàtí kan. Tọmọ yàtọ̀ sí ìyẹn.

Ẹ kọ lẹ́tà náà ní Gẹ̀ẹ́sì bí iléeṣẹ́ yín ṣe ń ṣe, kó má ju ojú ewé kan lọ. Ẹ má ro ẹjọ́ bí oorun ṣe ń kùn yín tàbí bí ọmọ ṣe ń sunkún. Ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ nìyí:

“Mo ń padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ báyìí. Mò ń fọ́mọ lọ́mú, mo sì fẹ́ lo ààbọ̀ wákàtí méjì tí abala 54 Òfin Iṣẹ́ fún mi. Màá lo àkọ́kọ́ ní aago 10:30. Nítorí pé mi ò lè délé kí n sì padà láàárín ààbọ̀ wákàtí, mo bẹ̀bẹ̀ pé kí n máa lo ìkejì ní aago 4:30, kí n fi parí iṣẹ́ ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ mẹ́ta tó kẹ́yìn oṣù, tí a ń pa ìṣirò pọ̀, màá dúró títí di aago márùn-ún, màá sì lo ìkejì ní aago mẹ́ta. Mo tún ń béèrè yàrá tó ní kọ́kọ́rọ́ àti àyè nínú fìríìjì. Kí ètò yìí wà títí ọmọ mi yóò fi pé ọdún kan.”

Gbólóhùn òpin oṣù yẹn ló máa gbà yín lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ, torí ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ìṣirò mọ̀ pé ibẹ̀ ni iná ti ń jó. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe yàrá fún yín. Ti fìríìjì náà kì í ṣe àṣejù: omi ọmú kì í pẹ́ ju wákàtí mẹ́rin lọ níbi tó tutù díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ooru Èkó kò dúró de ẹnikẹ́ni. Nínú fìríìjì, ó lè lo ọjọ́ mẹ́rin.

Ọ̀sẹ̀ yìí ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá yín àti ẹ̀ka òṣìṣẹ́ pa pọ̀, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan. Bí ọ̀gá bá fi ẹnu sọ pé “kò burú”, ẹ fi ímeèlì kúkúrú dúpẹ́, kí ẹ tún àwọn aago náà sọ sínú rẹ̀. Ọ̀gá lè yí padà, ìwé á ṣì wà. Bí wọ́n bá kọ ti aago 4:30, ẹ gba ààbọ̀ wákàtí méjèèjì bí òfin ṣe là á sílẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ìyẹn náà, ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì mú un lọ sí ọ́fíìsì Ilé Iṣẹ́ Ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́.