Dátà ti sọnù, míìnì, mídíánì àti SD ló kù: kí ni a ṣì lè ṣírò?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán, sà. Wọ́n jí láptọ́ọ̀pù mi nínú máíkírà, gbogbo dátà iṣẹ́ àṣekágbá mi ló bá a lọ. Mo wọn ìṣẹ́jú tí èrò fi ń dúró de ọkọ̀ ní Bódìjà àti ní Chálẹ́ńjì. Ohun tí mo kọ sínú jọ́tà nìkan ló kù. Bódìjà: èèyàn 40, míìnì 18, mídíánì 16, SD 6. Chálẹ́ńjì: èèyàn 60, míìnì 23, mídíánì 20, SD 8. Supafáísọ̀ mi ní kí n da méjèèjì pọ̀, kí n mú míìnì, mídíánì àti SD gbogbo èèyàn 100 wá. Ṣé ó ṣeé ṣe? Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kàn hùmọ̀ nọ́ńbà 100 tó máa gbé èsì yẹn jáde.

Ìdáhùn: Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò mi. Nínú mẹ́ta tí wọ́n ní kí o mú wá, méjì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ. Ẹ̀kẹta ti bá láptọ́ọ̀pù lọ, kò sí fọ́múlà tó lè dá a padà.

Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí míìnì. Inú àròpọ̀ ló ti wá, o sì lè dá a padà sí àròpọ̀. Èèyàn 40 ní ìṣẹ́jú 18 jẹ́ ìṣẹ́jú 720. Èèyàn 60 ní ìṣẹ́jú 23 jẹ́ 1,380. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,100. Pín in sí ọ̀nà 100, míìnì gbogbo wọn di 21. Má ṣe ro 18 mọ́ 23 kí o wá pín in sí méjì. 20.5 ni ìyẹn máa fún ọ, bí ẹni pé iye èèyàn kan náà ló wà níbi méjèèjì, bẹ́ẹ̀ Chálẹ́ńjì ló pọ̀ jù.

SD, ìyẹn bí àwọn nọ́ńbà ṣe jìnnà sí míìnì tó, gan-an ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá sọ́dọ̀ wa ní Agbówó ti máa ń ṣìnà. Wọ́n á ní 6 àti 8, àárín rẹ̀ ni 7, ó parí. Wò ó báyìí: ká ní gbogbo èrò Bódìjà dúró fún ìṣẹ́jú 18 géérégé, tí gbogbo ti Chálẹ́ńjì náà sì dúró fún 23 géérégé. SD ibi kọ̀ọ̀kan máa jẹ́ òdo. Ṣùgbọ́n bí o bá da àwọn èèyàn náà pọ̀, ṣé o lè sọ pé gbogbo wọn dúró bákan náà? Rárá. Àlàfo tó wà láàárín ibi méjèèjì náà gbọ́dọ̀ wọ inú ìṣirò. Fọ́múlà tó gbé méjèèjì rù nìyí. m ni míìnì ibi kọ̀ọ̀kan, M ni míìnì àpapọ̀, s ni SD, n sì ni iye èèyàn; 1 dúró fún Bódìjà, 2 fún Chálẹ́ńjì:

```
N  = n1 + n2
M  = (n1*m1 + n2*m2) / N
SS = (n1-1)*s1^2 + (n2-1)*s2^2
     + n1*(m1-M)^2 + n2*(m2-M)^2
SD = sqrt(SS / (N-1))
```

Jẹ́ ká fi nọ́ńbà tìrẹ sí i. Ìlà àkọ́kọ́ nínú SS ni bí àwọn èrò ṣe yàtọ̀ síra nínú ibi kọ̀ọ̀kan: 39 lọ́nà 36 jẹ́ 1,404, 59 lọ́nà 64 jẹ́ 3,776, àpapọ̀ 5,180. Ìlà kejì ni àlàfo tí mo ń sọ. Bódìjà fi 3 dín sí 21, nítorí náà 40 lọ́nà 9 jẹ́ 360. Chálẹ́ńjì fi 2 lé ní 21, nítorí náà 60 lọ́nà 4 jẹ́ 240. Gbogbo rẹ̀ wá di 5,780. Pín in sí 99, ó di 58.38, tẹ √ lórí kakuletọ, ó di 7.64.

Ṣùgbọ́n jọ́tà rẹ kò ní pọ́íǹtì kankan. Bí o bá ti sọ 6.4 di 6 nígbà tí o ń kọ ọ́, 7.64 yẹn ń ṣe bí ẹni tó mọ ohun tí kò mọ̀. Tú ìmeèlì àti Wásáàpù rẹ wò bóyá o ti fi èsì tó ní pọ́íǹtì ránṣẹ́ sí ẹnì kan rí. Bí kò bá sí, kọ ọ́ pé SD tó nǹkan bí 8.

Rántí ohun tí o fi ṣírò rẹ̀ náà. SPSS máa ń pín in sí n-1, `STDEV.S` inú Excel náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ `STDEV.P` lo lò, n ló pín in sí. Fi n1 àti n2 rọ́pò n1-1 àti n2-1 nínú ìlà àkọ́kọ́ SS nìkan. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ fún èèyàn 40: 6 yóò di 6.08. Èèyàn mẹ́jọ ni ì bá ti dun ni.

Ó wá ku mídíánì. Ìyẹn kò sí nínú àròpọ̀ kankan. Ipò ni, ẹni tó dúró ní àárín bí a bá to gbogbo wọn láti kékeré dé ńlá. Mú 1, 2, 3 àti 4, 10, 11: mídíánì wọn jẹ́ 2 àti 10, bí o bá dà wọ́n pọ̀, ó di 3.5. Wá mú 1, 2, 9 àti 8, 10, 11: 2 àti 10 náà ni mídíánì wọn, ṣùgbọ́n bí o bá dà wọ́n pọ̀, 8.5 ló jáde. Ohun kan ṣoṣo tó dájú ni pé ti àpapọ̀ kò lè jáde kúrò láàárín méjèèjì. Ó kéré tán, ìdajì èrò Bódìjà kò dúró ju ìṣẹ́jú 16 lọ, ìdajì ti Chálẹ́ńjì kò sì dúró ju 20 lọ, nítorí náà ìdajì gbogbo wọn kò ju 20 lọ. Yí i padà, wàá rí i pé kò lè kéré sí 16. Láti 16 sí 20: ohun tí o lè kọ nìyẹn.

Nípa ti ọ̀rẹ́ rẹ: ẹ̀tàn ni, kò sì tún wúlò. Lọ́dún 1973, onímọ̀ ìṣirò dátà kan, Francis Anscombe, gbé àkójọ nọ́ńbà x àti y mẹ́rin jáde, nọ́ńbà y 11 nínú ìkọ̀ọ̀kan. Míìnì y jẹ́ 7.50 nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, SD rẹ̀ jẹ́ 2.03. Mídíánì rẹ̀ ńkọ́? 7.58, 8.14, 7.11 àti 7.04. Nọ́ńbà tó lè fún ọ ní míìnì 18 àti SD 6 kò lóǹkà. Mídíánì tí o bá rí nínú èyí tí o hùmọ̀, orí ara rẹ ló ti wá, kì í ṣe ọ̀dọ̀ èrò kankan.

Bí supafáísọ̀ bá fẹ́ mọ̀ bóyá Chálẹ́ńjì yàtọ̀ sí Bódìjà, ìyẹn ṣì ṣeé ṣe, nítorí t-test kò béèrè ju n, míìnì àti SD lọ. Pín 5, ìyàtọ̀ tó wà láàárín 18 àti 23, sí √(36/40 + 64/60), t jẹ́ nǹkan bí 3.57. Àtẹ bí ìṣẹ́jú náà ṣe pín kiri ni o kò lè yà mọ́. Nínú orí kẹrin, kọ ọ́ gbangba pé dátà ti sọnù, pé láti inú n, míìnì àti SD ibi méjèèjì lo ti ṣírò ti àpapọ̀, kí o sì fi fọ́múlà náà síbẹ̀. Níbi mídíánì, kọ ti Bódìjà àti ti Chálẹ́ńjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.