Oníbàárà ká ọwọ́ mọ́ àyà, èmi náà ká tèmi

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Mo ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ìdí tábìlì tí àwọn oníbàárà ti ń wá fẹjọ́ sùn ni mo máa ń jókòó. Ẹnì kejì mi níbi iṣẹ́ ló pe àkíyèsí mi sí i pé bí oníbàárà bá ti ká ọwọ́ mọ́ àyà, èmi náà á ká tèmi; bó bá ń fọwọ́ pa àgbọ̀n, ọwọ́ mi á ti dé àgbọ̀n. Mi ò mọ̀ pé mò ń ṣe é rárá. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ rò pé mò ń sín wọn jẹ. Ṣé àìsàn ni? Ọ̀gá wa sì gbọ́, ó ní kí n máa mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, pé ó ń mú kí oníbàárà fẹ́ràn ẹni. Èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Kì í ṣe àìsàn. Bí ẹ bá fara balẹ̀ wo ẹnì kejì yín náà nígbà tó bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí i lára tirẹ̀. Àìsàn kan wà lóòótọ́ tó jọ ọ́, ó sì máa ń bá àwọn kan tí iwájú ọpọlọ wọn farapa tàbí tí àrùn ọpọlọ mìíràn ń bá jà. Ohun tí ẹni iwájú wọn bá ṣe ni wọ́n á máa ṣe, ẹ tilẹ̀ ní kí wọ́n má ṣe é mọ́, ọwọ́ wọn kò ní gbọ́. Tiyín kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti pe àkíyèsí yín sí i, ọwọ́ yín á kúrò ní àgbọ̀n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ibẹ̀ la ti ń yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìdánwò tó fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere wáyé ní 1999, ní Yunifásítì New York. Tanya Chartrand àti John Bargh ló ṣe é. Wọ́n pe akẹ́kọ̀ọ́ 35 wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì sọ fún wọn pé àwọn fẹ́ fi àwòrán inú ìwé ìròyìn ṣe irú ìdánwò tuntun kan. Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kò ju pé kí òun àti ẹnì kan tó bá níbẹ̀ máa ṣàlàyé ohun tí wọ́n rí nínú àwòrán fún ara wọn. Àwòrán kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá níbẹ̀ yẹn, èèyàn wọn ni; wọ́n ti ní kó máa fọwọ́ ra ojú bó ti ń sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, akẹ́kọ̀ọ́ yìí kan náà á tún jókòó pẹ̀lú ẹlòmíràn, tí òun ń gbọn ẹsẹ̀ ní tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni kámẹ́rà ń yà, kí ẹni tó máa jókòó ti fídíò láti ka iye ìgbà tó ra ojú tàbí gbọn ẹsẹ̀ má baà mọ ohun tí ẹnì kejì ń ṣe.

Lọ́dọ̀ ẹni tó ń ra ojú, wọ́n ra ojú jù bí wọ́n ṣe rà á lọ́dọ̀ ẹni tó ń gbọn ẹsẹ̀. Lọ́dọ̀ ẹni tó ń gbọn ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n gbọ̀n jù. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n léèrè lẹ́yìn ìdánwò, wọn kò mọ̀ pé àwọn ṣe ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù nínú rẹ̀ ni pé ọ̀kan nínú àwọn èèyàn wọn ń rẹ́rìn-ín músẹ́, èkejì lejú koko, síbẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe bí ẹni tó lejú koko náà ti ń ṣe. Alágẹmọ ni wọ́n fi sọ ìwà náà lórúkọ. Orúkọ náà dùn, àmọ́ alágẹmọ gidi kì í pa àwọ̀ dà torí kó lè jọ ibi tó dúró sí nìkan. Ó ń fi bá alágẹmọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ náà.

Kí ló wá ń fà á? Ẹ wo ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n. Agbábọ́ọ̀lù gbé ẹsẹ̀ sẹ́yìn kó gbá a sáwọ̀n, ẹsẹ̀ òǹwòran ti ta àga iwájú rẹ̀. Kò pinnu láti ta àga. Nínú ọpọlọ, rírí ìṣe kan àti ṣíṣe ìṣe náà jọ ń lo ọ̀pọ̀ ohun kan náà ni, débi pé bí ojú bá ti rí i, apá tó ń darí ẹran ara á ti máa múra. Nígbà tí kò bá sí ohun tó dá a dúró, díẹ̀ nínú ìmúra yẹn á jò sí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀. William James, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ti kọ irú ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ láti 1890, pé bí a bá kàn ro ìṣe kan lọ́kàn, ara ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Ibo ni ọpọlọ ti so méjèèjì pọ̀? Àwọn kan á ní wọ́n bí i mọ́ wa. Èyí tó wọ̀ mí létí jù ni ti Cecilia Heyes ní Oxford, tó ní ẹ̀kọ́ ni a fi mọ̀ ọ́n. Ẹ wo ìyá tó gbé ọmọ ọwọ́ sórí ẹsẹ̀. Ọmọ yọ ahọ́n, ìyá náà yọ tirẹ̀. Ọmọ rẹ́rìn-ín, ìyá rẹ́rìn-ín, ó tún fi àtẹ́wọ́ sí i. Ìgbàkígbà tí ọmọ bá ṣe ohun kan, ó máa ń rí ohun náà lójú ẹlòmíràn ní àkókò kan náà, lójoojúmọ́, fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bí ohun tó ń ṣe àti ohun tó ń rí ṣe ń mọ ara wọn nìyẹn. Àgbàlagbà sì ni ọmọ náà ń wò níbẹ̀, tó ń kọ́kọ́ sín ọmọ jẹ kí ọmọ tó mọ bí a ti ń sín èèyàn jẹ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èèyàn ni ara wa ń tẹ̀ lé bákan náà. Nínú àwọn ìdánwò tí Jessica Lakin àti Chartrand ṣe lẹ́yìn ìgbà náà, ẹni tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ òun àti ẹnì kejì wọ̀ máa ń fara wé e jù, pàápàá ẹni tó ti gbìyànjú láti bá ẹnì kan rẹ́ tí kò bọ́ sí i. Ẹni tó sábà máa ń fi ara rẹ̀ sí ipò ẹlòmíràn náà ń ṣe é ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ wá wo ìdí tábìlì tiyín. Iṣẹ́ yín gan-an ni pé kí ẹ gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí inú ń bí, kí ẹ mọ ibi tó ti ń dùn ún, kí ó sì fi sùúrù lọ. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ tí kò fara wé ẹnikẹ́ni láàárọ̀ dalẹ́, òun ni ǹ bá ṣàníyàn nípa rẹ̀.

Ẹ̀rù ìsínjẹ yín ńkọ́? Ẹni tó ń sín èèyàn jẹ máa ń ṣe é lójú ẹsẹ̀, á ṣe é bó ti rí gẹ́lẹ́, á sì bù sí i kí àwọn èrò lè rẹ́rìn-ín. Èyí tó ń wá fúnra rẹ̀ kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ó lè pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, kì í pé, ó sì máa ń jẹ́ ìpín kékeré nínú ohun tí ẹnì kejì ṣe. Oníbàárà ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà, ẹ̀yin di ìgbọ̀nwọ́ kan mú. Ìdí nìyẹn tí kò fi hàn sí wọn.

Ti ọ̀gá yín: òótọ́ wà nínú ohun tó sọ, àmọ́ kò tóbi tó bó ṣe rò. Nínú ìdánwò kejì tí Chartrand àti Bargh ṣe, èèyàn wọn ló wá ń fara wé akẹ́kọ̀ọ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15. Nígbà tí wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi òǹkà 1 sí 9 sọ bó ṣe fẹ́ràn ẹni náà tó, àwọn tí wọ́n fara wé fún un ní 6.62, àwọn tí wọn kò fara wé fún un ní 5.91. Ìyàtọ̀ wà, kò pé àmì kan. Àwọn tó sì ń fara wé yẹn, iṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n gbé lé wọn lọ́wọ́ nìyẹn. Ẹ̀yin ní nọ́ńbà àkáǹtì láti tẹ̀, ẹ ní ẹjọ́ láti gbọ́. Bí ẹ bá ń ṣọ́ ọwọ́ oníbàárà, etí yín kò ní sí níbi ọ̀rọ̀ rẹ̀, á sì rí i lójú yín. Bó bá sì já a, ohun tí ẹ ń bẹ̀rù gan-an ló ṣẹlẹ̀. Nílẹ̀ tiwa, ó tún burú sí i: bàbá àgbà kọ ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ kéré sí i náà kọ tiyín níwájú rẹ̀! Ẹni tó ń ṣe bíi dígí tún máa ń rí i pé ọwọ́ òsì òun ló bá ọwọ́ ọ̀tún ẹni iwájú mu. Ẹ má fi ọwọ́ yẹn na ìwé sí àgbàlagbà o.

Àwọn ìgbà kan sì wà tí fífara wé ń ṣe ìpalára. Ní 2011, àwọn olùwádìí kan ní Kalifọ́níà fi fídíò ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò han àwọn òǹwòran. Nínú àwọn kan, ẹni tó ń béèrè ọ̀rọ̀ ń fojú tín-ín-rín ẹni tó ń dáhùn. Nígbà tí ẹni tó ń dáhùn bá fara wé irú ẹni bẹ́ẹ̀, àwọn òǹwòran kà á sí ẹni tí kò mọṣẹ́ tó. Wọn kò mọ̀ pé ìfarawé náà ló fà á. Bí oníbàárà bá ń nàka sí yín lójú tó ń pariwo, ẹ rántí pé àwọn tó wà lórí ìlà ń wo ẹ̀yin méjèèjì.

Ohun tí mo máa ní kí ẹ ṣe nírú ìgbà yẹn kò le. Ẹ wo ibi tí ọwọ́ tiyín wà. Bó bá ti ká mọ́ àyà bíi tirẹ̀, ẹ tú u, kí ẹ gbé e sórí tábìlì, kí ẹ fẹ̀yìn ti àga díẹ̀, kí ẹ dẹ ohùn sílẹ̀. Ẹ má yí padà lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tí wọ́n ta jí. Ẹ jẹ́ kó bá gbólóhùn tí ẹ ń sọ lọ. Nígbà mìíràn, òun náà á máa tẹ̀ lé yín bọ̀, torí ohun tó ń ṣe yín ń ṣe òun náà. Bó bá ti pẹ́ díẹ̀ tí èjìká rẹ̀ kò rọ̀, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ gbájú mọ́ ẹjọ́ tó mú wá.

Bí ọ̀gá yín bá sì tẹnu mọ́ ọn pé ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ fara wé nǹkan kan, ọ̀rọ̀ ẹnu oníbàárà ni kí ẹ fara wé, ẹ fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Rick van Baaren àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán èyí wò nílé oúnjẹ kan ní Nẹ́dálándì ní 2003. Nígbà tí agbáwo tún ohun tí oníbàárà ní òun fẹ́ jẹ sọ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, owó ọ̀fẹ́ tó rí gbà ju ìgbà tó kàn dáhùn pé òun ti gbọ́. Lọ́dọ̀ tiyín, oníbàárà lè sọ pé: "Mo fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ránṣẹ́ lánàá, wọ́n ti yọ ọ́ lọ́dọ̀ mi, kò dé ọ̀dọ̀ àbúrò mi." Ẹ má dáhùn pé owó náà kò wọlé. Ẹ ní: "Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá tí ẹ fi ránṣẹ́ lánàá, wọ́n ti yọ ọ́ lọ́dọ̀ yín, kò dé ọ̀dọ̀ àbúrò yín." Bí iye owó tàbí ọjọ́ bá yàtọ̀, ibẹ̀ náà ló ti máa tún un ṣe fún yín kí ẹ tó tẹ ohunkóhun sínú kọ̀ǹpútà.