Wọ́n tún yọ owó lẹ́yìn tí mo ti fagi lé máńdéètì: ta ni kí n dì mú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági. Ilé iṣẹ́ adójútòfò kan ń yọ ₦12,500 nínú àkáǹtì mi ní ọjọ́ 25 oṣooṣù. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà, mo pe aṣojú wọn pé mi ò ṣe mọ́, ó ní kò sí wàhálà. Wọ́n ṣì yọ ọ́. Ní ọjọ́ 8 oṣù keje, mo mú lẹ́tà lọ sí báńkì láti fagi lé máńdéètì, ìyẹn àṣẹ tí mo fọwọ́ sí pé kí wọ́n máa san owó náà, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tèmi. Síbẹ̀, wọ́n tún yọ ti oṣù keje. Báńkì ní kí n lọ bá ilé iṣẹ́ náà, ilé iṣẹ́ ní kí n lọ bá báńkì.

Ìdáhùn: Àwọn méjèèjì ni kí ẹ dì mú, àbúrò mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe lórí owó kan náà. Ẹ má kó ₦25,000 yẹn pọ̀ sínú lẹ́tà kan ṣoṣo. Ohun tí mo rí jù nìyẹn nígbà tí mo wà nídìí tábìlì àwọn oníbàárà ní báńkì: ènìyàn á kó owó tó jàre mọ́ èyí tí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, wọn á sì fi ìkejì já àkọ́kọ́ kulẹ̀.

Ẹ wo ti oṣù kẹfà ná. Bí ẹ bá sọ fún alájọ pé ẹ ò dá mọ́, tí ẹ ò sọ fún ọmọ tí ẹ fi sí ìsọ̀, bí alájọ bá dé lọ́jọ́ kejì, ọmọ á sanwó fún un. Ọmọ kò ṣẹ̀. Bí máńdéètì ṣe rí nìyẹn. Ilé iṣẹ́ ló ń béèrè owó, báńkì yín ló ń san án, àṣẹ tí ẹ fọwọ́ sí ló sì fi ń san án. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà, báńkì kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Owó yẹn, ọwọ́ ilé iṣẹ́ adójútòfò ni kí ẹ ti béèrè rẹ̀. Ìpè fóònù nìkan kò lágbára púpọ̀. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ kan bá wà láàárín ẹ̀yin àti aṣojú yẹn, ẹ wá a jáde. Bí kò bá sí, ẹ ya àwòrán ojú fóònù tó fi ọjọ́ àti àkókò ìpè náà hàn. Ó lè jẹ́ pé wọn á dá a padà, ó sì lè jẹ́ pé wọn á ní ẹ ṣì wà lábẹ́ ààbò wọn lóṣù náà. Ẹ rántí pé fífagi lé máńdéètì kò fagi lé àdéhùn yín pẹ̀lú wọn. Lẹ́tà tirẹ̀ ni kí ẹ kọ fún ìyẹn.

Ti oṣù keje ni ẹjọ́ yín ti dúró ṣinṣin. Ọjọ́ 8 ni òǹtẹ̀, ọjọ́ 25 ni ìyọwó: ọjọ́ 17 ló wà láàárín wọn. Báńkì ni kí ẹ dì mú fún èyí. Bó bá jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 24 ni ẹ mú lẹ́tà dé, wọ́n lè ní ìbéèrè owó ti wà lójú ọ̀nà, mi ò sì ní dá wọn lẹ́bi púpọ̀.

Kí ẹ tó kọ̀wé, ẹ gba sítétímẹ́ǹtì oṣù mẹ́ta, kí ẹ wo ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi nọ́ńbà máńdéètì ti oṣù karùn-ún wé ti oṣù keje. Bó bá jẹ́ ọ̀kan náà, báńkì ni kò pa á. Bó bá yàtọ̀, a jẹ́ pé wọ́n gbé máńdéètì tuntun wọlé. Ẹ ní kí báńkì fi ibi tí ẹ ti fọwọ́ sí i hàn yín. Bó bá sì jẹ́ nọ́ńbà káàdì ATM yín ló wà níbẹ̀, orí káàdì ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Lẹ́tà máńdéètì kì í dá ìyẹn dúró. Ẹ ní kí báńkì dí káàdì náà, kí wọ́n fún yín ní òmíràn.

Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà tí ẹ máa kọ sí báńkì kúrú, báyìí: “Mo fagi lé máńdéètì yìí ní ọjọ́ 8 oṣù keje, ẹ̀dà tí ẹ lu òǹtẹ̀ sí rèé. Ẹ san ₦12,500 jáde ní ọjọ́ 25 láìsí àṣẹ mi. Ẹ dá a padà sínú àkáǹtì mi, kí ẹ sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún mi lórí ìwé pé máńdéètì náà ti kú.” Ẹ má kúrò nídìí tábìlì láìgba nọ́ńbà ẹ̀sùn. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí ojútùú, ẹ fi lẹ́tà, ẹ̀dà olóǹtẹ̀, sítétímẹ́ǹtì àti nọ́ńbà ẹ̀sùn náà ránṣẹ́ sí Báńkì Àpapọ̀ ní cpd@cbn.gov.ng. Bí ẹ kò bá kọ́kọ́ bá báńkì yín sọ ọ́, ọ̀dọ̀ wọn náà ni wọ́n máa dá yín padà sí.

Tí oṣù kẹjọ bá kù bí ọjọ́ mẹ́ta kó pé 25, ẹ pe báńkì kí ẹ bi wọ́n bóyá máńdéètì náà ṣì ń ṣiṣẹ́.