Wọ́n ní máìlì 29 lórí gálọ́ọ̀nù kan, kí ló dé tí Corolla mi ò ṣe tó bẹ́ẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán sà. Corolla 2010 tókúnbọ̀ ni mò ń wà n'Ìbàdàn, mo kà á pé máìlì 29 ló ń rìn lórí gálọ́ọ̀nù kan, àmọ́ epo tí mò ń rà ò jọ bẹ́ẹ̀ rárá. Ṣé ẹ́ńjìnnì ti ní wàhálà ni àbí irọ́ ni wọ́n ń pa? Báwo ni mo ṣe lè mọ iye tó ń jẹ gan-an?

Ìdáhùn: Ẹ káàsán mà. Wọn ò parọ́, ibi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n l'Amẹ́ríkà ni ò jọ Ìbàdàn. Orí rólà ni wọ́n máa ń gbé mọ́tò sí, táyà á máa yí, mọ́tò ò ní kúrò lójú kan, dírébà á wá máa tẹná bí ìlà tó wà lójú sikiríìnì iwájú ẹ̀ bá ṣe ní kó tẹ̀ ẹ́. Ti ìgboro máa ń gbà tó ìdajì wákàtí, ó tó kìlómítà 18, tẹ́ẹ bá sì pín eré ẹ̀ dọ́gba, kìlómítà 34 ni láàárín wákàtí kan. Ẹ wá ro Ìwó Road láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ta ló ń sá 34 níbẹ̀? Ti ọ̀nà márosẹ̀ náà, eré tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ò ju kìlómítà 97 lọ. Òótọ́ ni pé láti ọdún 2008 ni Amẹ́ríkà ti fi ti eré àsápajúdé, ti éésì nínú ooru àti ti òtútù kún un, ìyẹn ló jẹ́ kí nọ́ńbà tiwọn sún mọ́ òótọ́ díẹ̀. Kì í sì í ṣe tiwa nìkan o, àwọn Yúróòpù gbé àbájáde kan jáde ní 2024 pé àwọn mọ́tò pẹtiróòlù 2021 tiwọn ń fi bíi ìdá 24 nínú 100 jẹ epo ju ohun tó wà nínú ìwé lọ.

Nǹkan míì ni pé 29 yẹn, wọ́n po ìgboro àti márosẹ̀ pọ̀ ni. Ìgboro nìkan, 26 ni. Márosẹ̀, 34. Tó bá jẹ́ Àkóbọ̀ sí Dúgbẹ̀ lẹ ń lọ lójoojúmọ́, ẹ gbàgbé 29, 26 ni kẹ́ẹ dì mú. Tẹ́ẹ bá fi 26 pín 235, nọ́ńbà tó ń sọ máìlì lórí gálọ́ọ̀nù di lítà nínú 100 kìlómítà, ẹ máa rí 9, ìyẹn lítà 9 nínú 100 kìlómítà, bó ṣe máa ń rọrùn fún wa láti kà á nìyẹn (gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà ni o, ti òyìnbó London tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má po wọ́n pọ̀).

Ohun tó ń jẹ epo jù nílùú wa ni dídúró. Ẹ́ńjìnnì 1.8 tó ń ṣiṣẹ́ lójú kan pẹ̀lú éésì máa jẹ tó lítà kan láàárín wákàtí kan, nígbà míì ó máa jù bẹ́ẹ̀, kò sì ní fi rin ẹsẹ̀ bàtà kan.

Ó yá, bẹ́ẹ ṣe máa wọ̀n ọ́n rèé. Ẹ lọ sílé epo tẹ́ẹ máa ń lọ, ẹ ní kí wọ́n kún táńkì, tí ẹnu pọ́ǹpù bá ti já fúnra ẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, ẹ ní kí wọ́n dúró níbẹ̀, kí wọ́n má fi kún un kí owó lè pé. Ẹ fi fóònù ya máìlì tó wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Lítà tí wọ́n rà sí i lọ́jọ́ yẹn ò kàn yín, ibi tẹ́ẹ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ máa wà á bẹ́ẹ ṣe máa ń wà á, tí owó ò bá sì jẹ́ kẹ́ẹ kún un lẹ́ẹ̀kan náà kò burú, ẹ ṣáà máa kọ gbogbo lítà tẹ́ẹ bá rà sílẹ̀, lítà o, kì í ṣe náírà. Nígbà tó bá ti tó lítà 35 sí 40, ẹ padà sí pọ́ǹpù yẹn kan náà, kẹ́ẹ gbé mọ́tò síbi tẹ́ẹ gbé e sí tẹ́lẹ̀, kí wọ́n kún un títí ẹnu pọ́ǹpù á fi já.

Kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ tó lítà 35? Torí pé ibi tí pọ́ǹpù máa já sí lónìí lè fi lítà kan tàbí kan àbọ̀ yàtọ̀ sí ti ọjọ́sí. Nínú lítà 10, àṣìṣe yẹn á ba gbogbo ìṣirò jẹ́, nínú 40 kò ní fi bẹ́ẹ̀ hàn.

Kọsítọ́mà mi kan, olùkọ́ ni, Corolla kan náà pẹ̀lú tiyín, sáré wá bá mi pé mọ́tò òun ń jẹ lítà 16.7 nínú 100 kìlómítà. Mo gba ìwé ẹ̀ wò. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 84,210, ó ra lítà 10, ó ra 15, ó wá kún un pẹ̀lú 14.6 nígbà tó dé 84,447. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 39.6. Ìrìn ẹ̀ jẹ́ 237, àmọ́ mọ́tò Amẹ́ríkà ni, máìlì ni dáṣíbọ́ọ̀dù ń kà, òun wá pè é ní kìlómítà! Ẹ fi 1.609 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 381.

```
lítà ÷ kìlómítà × 100
39.6 ÷ 381 × 100 = 10.4
```

10.4 yàtọ̀ sí 9 lóòótọ́, àmọ́ ẹ ṣírò ẹ̀ dáadáa: nínú 381 kìlómítà yẹn, bíi lítà 5 péré ló fi jù. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi rìn ín, éésì ò sì kú rí, wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún nínú gósílò ti gbé lítà 5 yẹn lọ. Mọ́tò ẹ̀ ò ní nǹkan kan. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kẹ́ẹ wá kó gbogbo lítà pọ̀, kẹ́ẹ kó gbogbo kìlómítà pọ̀, kẹ́ẹ tó pín in.

Ẹ fura sí pọ́ǹpù náà o. Táńkì yín ò ju lítà 50 lọ, tí ọwọ́ bá wà ní ìdajì tí wọ́n wá ní lítà 36 ló wọlé, kí ló gbà á? Ẹ ṣe ìwọ̀n kan nílé epo míì lójú ọ̀nà kan náà, tó bá já wálẹ̀ lójijì, mọ́tò kọ́ ló ń jẹ yín.

Tó bá wá ń lọ sí 13, 14, tẹ́ẹ sì ti rí i dájú pé ìṣirò ò ṣì, ohun tí mo máa kọ́kọ́ bi yín ni pé ṣé mẹkáníìkì kankan ti yọ tẹmọsítáàtì yín rí, ìyẹn ohun tó ń dí omi lọ́nà títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná tó. Wọ́n máa ń yọ ọ́ torí kí mọ́tò má bàa gbóná jù, ó sì ń bí mi nínú gan-an. Wọ́n gbé ọ̀kan wá bá mi tó ń jẹ 12.8, mo fi sikánà sí i, mo sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ dírébà títí a fi rin márosẹ̀ fún ìdajì wákàtí, ooru omi ẹ̀ ò kúrò ní 60, nígbà tó yẹ kó ti kọjá 80. Kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì rò pé òwúrọ̀ kùtù ni, ó ń da epo kún un. A fi tẹmọsítáàtì tuntun sí i, nígbà tó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì lójú ọ̀nà kan náà, 10.6 ló bá. Tí sikánà bá gbé `P0128` fún yín, ibẹ̀ ni kẹ́ẹ ti bẹ̀rẹ̀.