Owó ìfẹ̀yìntì tó dúró: ẹ kọ̀wé kí ẹ tó ronú kóòtù

Ìbéèrè: Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí kí n tó fẹ̀yìntì, Ìyàrà ni mo ń gbé. Láti oṣù kejì tí wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò wa, owó ìfẹ̀yìntì mi kò wọlé mọ́. Ọmọ mi ní ká pe ìjọba lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní owó lọ́yà. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Òkun o, mà. Ọ́fíìsì tó ń san owó yín ni ẹ ó kọ́kọ́ kọ̀wé sí, ojú ìwé kan péré. Ẹ kọ nọ́ńbà ìfẹ̀yìntì yín, oṣù tí owó wọlé kẹ́yìn, àti ọjọ́ tí ẹ ṣe àyẹ̀wò. Ẹ so sìlíìpù àyẹ̀wò àti ìwé báńkì mọ́ ọn. Kí ẹ bi wọ́n pé kí ló fà á tí wọ́n fi dá a dúró, kí wọ́n sì fi ìwé fèsì. Ẹ lè fi kún un pé abala 210 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa kò gbà kí wọ́n dá owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ dúró láìjẹ́ pé òfin fàyè gbà á.

Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ mú lọ. Kí wọ́n gba ọ̀kan, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí èkejì pẹ̀lú ọjọ́ àti ìbuwọ́lùwé. Ẹ má fi èyí ṣeré rárá. Ìyá kan lọ sí ọ́fíìsì lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ẹnu ló fi ń sọ ọ́. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, kò sí ohun kan lọ́wọ́ wa tó fi hàn pé ó ti yọjú rí.

Bí oṣù kan bá kọjá láìsí èsì, ẹ mú ẹ̀dà olóǹtẹ̀ náà lọ sí Pí-Sí-Sí ní Lókòjá, ìyẹn àjọ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú, tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1975. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Wọ́n lágbára láti ránṣẹ́ pe òṣìṣẹ́, kí wọ́n sì ní kó kó fáìlì yín wá. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń tú jáde. Nínú irú ẹ̀sùn báyìí tó ti kọjá lọ́wọ́ mi, orúkọ ló sábà máa ń fa wàhálà: orúkọ bàbá nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́, orúkọ ọkọ ní báńkì.

Wọ́n ní ààlà tiwọn. Ẹ̀sùn tó bá ti ju oṣù méjìlá lọ, wọn kò ní gbà á. Tiyín kò gbọdọ̀ kọjá oṣù kìíní ọdún tó ń bọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ti wà ní kóòtù, wọn kò ní dá sí i, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ọmọ yín ṣì ní sùúrù. Àmọ̀ràn sì ni wọ́n ń fún ọ́fíìsì náà, kì í ṣe àṣẹ bíi ti adájọ́. Bí ọ́fíìsì bá kọ etí ikún, kóòtù ló kù.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyí: òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n bá pè lẹ́jọ́ lè fún yín ní oṣù mẹ́ta péré láti pe ẹjọ́, lẹ́tà yín kò sì ní dá ọjọ́ náà dúró. Agbẹjọ́rò lè jiyàn pé oṣù tí owó kò bá wọlé ni ìyà náà ń tún bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìyẹn nìkan. Kí ọmọ yín bi lọ́yà kan léèrè ọjọ́ tí oṣù mẹ́ta náà máa pé lọ́sẹ̀ yìí, kó kọ ọ́ sẹ́yìn ẹ̀dà olóǹtẹ̀ yẹn.