Irú èèyàn wo ló máa wà nínú fọ́tò ìpolówó yín? Bí ẹ ṣe máa kọ ọ́ fún ayàwòrán

Ìbéèrè: A fẹ́ ya fọ́tò ìpolówó kẹ́tùlù oníná. Mo kọ ọ́ fún ayàwòrán pé "ìdílé aláyọ̀, oríṣiríṣi èèyàn" la fẹ́. Nínú fọ́tò tó kó wá, ọ̀dọ́ tó jọra ló pọ̀ jù, bàbá àgbà kan jókòó gẹlẹtẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gbogbo wọn sì la eyín sílẹ̀. Kí ló yẹ kí n ti kọ?

Ìdáhùn: "Aláyọ̀" àti "oríṣiríṣi" kì í ṣe ohun tí ojú lè rí. Ẹni tó bá kà á yóò fi àwòrán tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ dí àlàfo náà. Ẹ kọ ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta: ọdún mélòó ni, báwo ni àwọ̀ ara rẹ̀ ṣe rí, kí ni ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe, kí ni ojú rẹ̀ ń wò.

Ẹ kọ ọjọ́ orí ní nọ́ńbà. Tí ẹ bá kọ "àgbàlagbà", ẹni àádọ́ta ọdún tí awọ ojú rẹ̀ ṣì ń dán ni wọ́n máa mú wá. Ẹ kọ 68, kí ẹ sì fi kún un pé kí wọ́n má pa ìhunjọ ojú rẹ̀ rẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń tún fọ́tò ṣe.

Ti àwọ̀ ara ló gba sùúrù jù. Ẹni tí ẹ̀yin pè ní pupa, ẹlòmíràn lè pè é ní dúdú, "adúmáadán" sì dùn létí ju bó ṣe ń ran ayàwòrán lọ́wọ́ lọ. Ẹ má sì fi oúnjẹ júwe awọ ẹnikẹ́ni. Òṣùwọ̀n àwọ̀ ara tí Ellis Monk, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, ṣe, tí Google gbé jáde lọ́dún 2022, ní àwọ̀ mẹ́wàá: 1 ló mọ́lẹ̀ jù, 10 ló dúdú jù. Ẹ lo nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ sì fi àwòrán òṣùwọ̀n náà ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé yín.

Ìwé nìkan kò tó o. Tí ẹni àwọ̀ 9 àti ẹni àwọ̀ 3 bá jókòó pọ̀, tí kámẹ́rà sì wọn ìmọ́lẹ̀ lára ẹni 3, ojú ẹni 9 á di òjìji lásán. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé kí ẹni 9 súnmọ́ iná ju èkejì lọ. Bí iná kékeré kan bá jìnnà sí ẹni 9 ní mítà 1.5, tó sì jìnnà sí ẹni 3 ní mítà 2.1, nǹkan bí ìdajì ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ara ẹni àkọ́kọ́ ló máa dé ara ẹni kejì. Kí wọ́n wò ó lójú ẹ̀rọ kí wọ́n tó tẹ̀ síwájú: ó yẹ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti irun hàn kedere lára àwọn méjèèjì.

Ní ti ìrísí ojú, ẹ má kọ "kó rẹ́rìn-ín". Ẹ̀rín tí a bá ní kéèyàn ṣe kì í pẹ́ tó fi máa gan: ẹnu á là, awọ ẹ̀gbẹ́ ojú kò ní mira. Ohun tó fà á ni kí ẹ kọ. Tí fọ́tò bá dé, ẹ fi ìka bo ẹnu ẹni tó wà níbẹ̀. Tí ojú rẹ̀ kò bá sọ nǹkan kan, ẹ gbé e tì.

Fún kẹ́tùlù yín, ǹ bá kọ ọ́ báyìí:

"Obìnrin ẹni ọdún 68, àwọ̀ 9, ló ń da omi sínú ife. Ooru ti bo gíláàsì ojú rẹ̀, ó fà sẹ́yìn díẹ̀, ojú rẹ̀ sì kún fún ẹ̀rín. Ọkùnrin ẹni ọdún 34, àwọ̀ 3, ń nu ife, ó wẹ̀yìn wò ó. Ọmọbìnrin ọdún 11, àwọ̀ 6, ń tún okùn kẹ́tùlù kejì so, ó pa ẹnu mọ́, ojú rẹ̀ kò kúrò lára iṣẹ́."

Ẹni kan péré ló ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí wọ́n lò, kì í ṣe omi híhó. Wọ́n lè fi ìkùukùu ooru kún un nígbà tí wọ́n bá ń tún fọ́tò ṣe.

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ pàrọ̀ àwọn èèyàn náà: fi ọkùnrin sípò obìnrin, ẹni àwọ̀ 9 sípò ẹni 3. Tí ó bá wá ṣe yín bákan láti kà, ẹ wo ẹni tí ẹ fi ṣe ìránṣẹ́, ẹni tí nǹkan títà wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti ẹni tí fọ́tò mú ojú rẹ̀ yanjú jù. Bàbá àgbà yín kò ní ohunkóhun lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tó fi dà bí àga. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí èyí gbé e gun orí pátákó onítáyà tí àwọn ọmọdé fi ń yọ̀. Ẹ̀fẹ̀ lèyí náà.

Ẹni tó ń yan àwọn tí ẹ máa yà ló yẹ kó kọ́kọ́ gba ìwé yìí. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ti yan wọn tán kí ìwé tó dé, ohun tí ọwọ́ ń ṣe àti ibi tí iná wà nìkan ló ṣì ṣe é yí padà.